Ọfà mélòó ló yẹ kó wà lára ẹrù tó wà lórí pákó?

*"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ mg sin θ ló ń fa ẹrù wálẹ̀, tí kì í ṣe mg cos θ? Ọfà mélòó ni kí n yà?"*

Àbúrò, mẹ́ta péré ni, ọ̀kan fún agbára kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lára ẹrù. Wo àpò kòkó tí wọ́n gbé lé pákó tó dagun lẹ́yìn ọkọ̀ níbí l'Óǹdó, tí kò yọ̀. Ìwúwo rẹ̀ ń fà á sí ilẹ̀ tààrà. Pákó ń tì í padà, ọfà yẹn sì dúró ṣánṣán sí ojú pákó, kì í ṣe sí ilẹ̀. Fíríkíṣọ̀n dì í mú, ó kọjú sí òkè pákó.

Ká ní àpò náà jẹ́ kìlógíráàmù 60, tí pákó dagun ní dígírì 30, ìyẹn ni θ. Tí g bá jẹ́ 10, mg, ìyẹn ìwúwo rẹ̀, á jẹ́ níútọ̀n 600. mg sin θ, 300, ló ń fà á gba ojú pákó wálẹ̀. mg cos θ, bíi 520, ló ń tẹ pákó. Tẹ́ pákó náà pẹrẹsẹ lọ́kàn rẹ: θ di 0, sin náà di 0, àpò kò sì ní ibi tó máa yọ̀ sí.

Má ya mg tán kí o tún ya apá rẹ̀ méjèèjì bí ọfà tuntun, o ti ka ìwúwo lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ìlà tó-tó-tó ni kí o fi yà wọ́n.

Bí μ, ìwọ̀n bí pákó àti àpò ṣe ń di ara wọn mú, bá jẹ́ 0.7, fíríkíṣọ̀n lè tó 0.7 × 520, ìyẹn 364, àmọ́ 300 péré ló ń lò báyìí. Bó bá lo 364 ni, àpò á máa dá gun pákó lọ fúnra rẹ̀.