Ẹ ṣe ìṣirò ní sáfà kó tó dé orí fóònù

"Dáṣíbọọ̀dù tí mo ṣe fún ṣọ́ọ̀bù 6 ní Balógun ń kó ìlà títà 20,000 wọlé, 3 MB ni, ó sì ń tún un kó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pariwo dátà. Kí ni kí n gé?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. 180 MB nìyẹn ní wákàtí kan lórí fóònù ẹnì kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ àròpọ̀ ọjọ́ 30 ni wọ́n ń wò, ẹ jẹ́ kí dátábéèsì ro ó pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ní PostgreSQL:

```sql
SELECT ojo, soobu, SUM(iye) AS apapo
FROM tita
WHERE ojo > CURRENT_DATE - 30
GROUP BY ojo, soobu;
```

Ìlà 180 péré ló máa jáde. Bí ìlà kan bá jẹ́ báìtì 50, gbogbo rẹ̀ ò pé 10 KB. Ẹni tó bá fẹ́ rí títà kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó bá tẹ ọjọ́ náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú un wá.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn tan gzip. Ẹ tàn án, àmọ́ kò tó: ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá ló ń dín kù, fóònù ṣì máa tú 3 MB yẹn palẹ̀, ibẹ̀ sì ni fóònù olówó pọ́ọ́kú ti máa ń dúró gbagidi.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí sáfà máa lo ETag, àmì tó máa ń yí padà tí dátà bá yí padà. Tí wọn ò bá tíì ta nǹkan kan sí i, 304 ni yóò fi dáhùn, láìkó ìlà kankan dání. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní Network nínú Chrome. Tó bá jẹ́ 200 lẹ ń rí ṣáá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ti máàkì Disable cache.