Ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí: báwo ni ká ṣe pín owó oko bàbá?

Ìbéèrè: Lọ́ọ̀yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ní Ìkẹ́rẹ́ kú láìkọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́, ìdána ìbílẹ̀ ló sì ṣe lórí gbogbo wọn. Èmi nìkan ni ìyá mi, ìyálé, bí. Ìyá kejì tó ti kú bí méjì, ìyá kẹta bí márùn-ún. Gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan, a ta oko kòkó ní mílíọ̀nù 24 náírà. Àwọn ọmọ ìyá kẹta ní ká pín in ní dọ́gbadọ́gba fún ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àwọn ọmọ ìyá kejì ní ìdí-igi ni. Àbúrò wa kan nínú ọmọ ìyá kẹta ló dúró ti oko láti ìgbà tí àìsàn ti dá bàbá dúbúlẹ̀, ó ní tòun gbọ́dọ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Àbíkẹ́yìn sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Èmi ni Dáwódù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, bọ̀dá, ẹ sì kú wàhálà ẹbí.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé gbogbo yín ni pé ìdí-igi àti orí-ò-jorí, dọ́gbadọ́gba ni méjèèjì. Ẹni tí a ń kà ló yàtọ̀. Ìdí-igi ń ka ìyá, orí-ò-jorí ń ka ọmọ. Bí ẹ bá fi ìdí-igi pín mílíọ̀nù 24, mílíọ̀nù 8 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin nìkan á kó 8 lọ, àwọn ọmọ ìyá kejì á gba 4, 4, àwọn márùn-ún ìyá kẹta á gba mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, mílíọ̀nù 3 ló kan olúkúlùkù yín. Ẹ rí i pé ọwọ́ yín gan-an ni ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin Dáwódù tí òfin ní kó yan ọ̀nà ni ẹni tí ìdí-igi gbè jù lọ. Ẹ sọ ọ́ jáde níwájú ẹbí kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ lẹ́yìn yín, kí ẹ sì ní kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín kan tí kò ní ìpín níbẹ̀ jókòó tì yín.

Nípa òfin, ibi tí gbogbo lọ́ọ̀yà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ọkùnrin kan kú ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ló bá ìgbà mu. Ilé ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ yí i padà ní 1958, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gbọ́ ẹjọ́ wa ìkẹyìn nígbà náà, sì fọwọ́ sí ìyípadà náà ní 1962. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí ìpín, olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí, ìpinnu rẹ̀ ló sì máa dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé ìwà àtijọ́ ni ìdí-igi. N kì í yára gbà fún wọn. Ní àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìyá yín bá wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá ń ṣán igbó tí ó sì ń gbin kòkó, tó ń ru omi, tó ń gbé oúnjẹ lọ sóko fún àwọn alágbàṣe, òógùn rẹ̀ wà nínú owó yìí. Orí-ò-jorí á pa òógùn náà rẹ́, nítorí pé ọmọ kan ló bí. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ọmọ karùn-ún ìyá kẹta kọ́ ló ní kí wọ́n bí òun ṣe ìkarùn-ún. Ẹ̀tọ́ wà lápá méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹbí má ju gbogbo ẹ̀tọ́ sínú ìkòkò kan. Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tó jẹ́ gbèsè, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pín ìyókù bí ogún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àbúrò yín olóko. Kóòtù kò ní fún un ní ìpín tó tóbi torí pé ó ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá tún nǹkan ẹbí ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lè gbà pé ẹbí jẹ ẹ́ lówó. Ẹ ní kó mú ìwé wá: owó irúgbìn tó fi rọ́pò igi tó kú, oògùn tó fọ́n lásìkò òjò kí kòkó má baà jẹrà dúdú lórí igi, owó àwọn tó bá a ro oko. Fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ bi àwọn olóko tó yí yín ká ní iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń bá wọn tọ́jú oko. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè èyí tí àwọn ẹbí máa ń gbàgbé: kòkó tó ṣẹ́ ní gbogbo ọdún yẹn, èló ló tà á, èló ló fi ránṣẹ́ sílé fún ìtọ́jú bàbá? Ká ní ó ná mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó, tí iṣẹ́ rẹ̀ tó mílíọ̀nù 3 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, tí mílíọ̀nù 2 nínú owó kòkó sì kù sọ́wọ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù 3 lẹ jẹ ẹ́. Bí ó bá ti jẹ gbogbo kòkó náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló jẹ ẹbí. Bí kò bá fẹ́ kí ẹ ka tità mọ́ ọn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ní ti àbíkẹ́yìn, ẹ bi ara yín léèrè bí owó kòkó yìí náà ló rán ẹ̀yin àgbà níwèé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ ti gbà lẹ fẹ́ fún òun náà, kì í ṣe àánú. Ẹ fi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ sí báńkì, kí èèyàn méjì láti ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa fọwọ́ sí i. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ míràn, ẹ fún ìyálé lọ́wọ́ ara rẹ̀ nítorí oko tó bá bàbá dá. Ẹlòmíràn nínú ẹbí ni kó dá àbá yìí, kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ rẹ̀.

Mílíọ̀nù 18 ló kù. Orí-ò-jorí á fún olúkúlùkù ní mílíọ̀nù méjì àti ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù kan. Èmi á fara mọ́ èyí, torí ẹ ti san iṣẹ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ ìyá kejì ló máa yarí, torí ìdí-igi á fún wọn ní mílíọ̀nù 3, 3. Ẹ má fi ọ̀pọ̀ ohùn borí wọn. Bí wọ́n bá lọ sí kóòtù, ìdí-igi ni adájọ́ á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi díẹ̀ lé tiwọn láti inú ti gbogbo yín, ó ṣì dín ju owó tí ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ á gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá bàbá fẹ́ ìkankan nínú wọn ní kóòtù tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ìjọba. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà, òfin míràn ló ń pín ogún rẹ̀, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe yìí á sì yí padà. Bí kò bá sí, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ tìṣirò-tìṣirò, kí àwọn ọmọ tó ti dàgbà ní ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi owó àbíkẹ́yìn sí báńkì kí ẹnikẹ́ni tó gba tirẹ̀.