Lẹ́tà Owó Orí Lórí Ọkọ̀ àti Òrùlé: Ohun Tí Ẹ Máa Kọ Padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Símẹ́ǹtì ni mò ń tà lójú ọ̀nà Oǹdó, ní Àkúrẹ́ níbí. Mo kọ ọ́ fún iléeṣẹ́ owó orí pé èrè mi lọ́dún 2024 jẹ́ ₦1,800,000, mo sì san owó orí rẹ̀. Wọ́n wá kọ lẹ́tà sí mi pé mo ra ọkọ̀ ₦6,500,000 lọ́dún yẹn, pé mo kan òrùlé ₦4,000,000, pé ₦51,800,000 ló wọ báǹkì mi, àti pé bí mo ṣe ń náwó ju èrè tí mo sọ lọ. Mi ò jalè o. Mo yá owó, àbúrò mi rán owó sí mi láti òkè òkun, mo ta ọkọ̀ mi àtijọ́, mo sì kó èésú. Oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ n'Ìdànrè náà mú nǹkan díẹ̀ wá. Mo ti so àwọn ìwé tí mo rí mọ́ ọn. Kí ni kí n kọ padà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ yẹ lẹ́tà yẹn wò bóyá ó ní iye owó orí kan tí wọ́n ní kí ẹ san. Bí àlàyé nìkan ni wọ́n ń béèrè, ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Àmọ́ bí wọ́n bá ti bu owó lé yín lórí, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún yín láti kọ̀wé pé ẹ ò fara mọ́ ọn, ọjọ́ tí ìwé náà tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni wọ́n sì ti máa ń kà á. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sí ara rẹ̀ báyìí. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìsí èsì, iye tí wọ́n kọ ti di gbèsè nìyẹn, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ yín dára tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ bá òṣìṣẹ́ kan lọ́fíìsì, wọ́n á ṣàlàyé lẹ́nu, wọ́n á sì padà sílé pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán. Ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbà, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, òun nìkan ni èsì.

Ohun tí wọ́n ṣe kò le láti lóye. Wọ́n ro ohun tí wọ́n rí pé ẹ ná lọ́dún 2024 pọ̀, wọ́n fi owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé tí wọ́n fojú bù kún un, wọ́n wá fi wé ₦1,800,000. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní èrè tí ẹ fi pa mọ́. Nítorí náà, kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ kì í ṣe olówó kò lè ṣe nǹkan kan. Ohun tó lè dá a dúró ni ìṣirò ọdún kan ṣoṣo yẹn, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún: gbogbo owó tó bọ́ sí yín lọ́wọ́, láti ibikíbi, àti gbogbo ibi tó gbà lọ. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti báǹkì, torí òun ló ń dẹ́rù bani jù. Owó ọjà kọ́ ni èrè. Nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, àpò 5,500 ni ẹ tà, ẹ ń rà á ní nǹkan bíi ₦7,300, ẹ ń tà á ní ₦7,800. Owó ọjà yẹn nìkan jẹ́ ₦42,900,000, gbogbo rẹ̀ ló sì gba báǹkì kọjá kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún yín. Ohun tó ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ lórí àpò kọ̀ọ̀kan ni ₦500, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,750,000. Ẹ yọ owó ṣọ́ọ̀bù, owó àwọn tó ń já ẹrù àti ìnáwó kéékèèké tó jẹ́ ₦950,000 kúrò, ó ku ₦1,800,000 tí ẹ kọ. Ìyókù tó wọ báǹkì ni owó yíyá ₦3,000,000, ti àbúrò yín ₦2,500,000, ọkọ̀ àtijọ́ ₦2,400,000, àti ₦1,000,000 kan tí mo máa padà sí. Ó pé ₦51,800,000 géérégé. Ẹ gba sítéètìmẹ́ǹtì ọdún náà ní báǹkì, kí ẹ fi bírò pupa sàmì sí àwọn owó mẹ́rin tí kì í ṣe ti ọjà yìí, kí ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn kiri. Ẹ so ìwé ìrajà símẹ́ǹtì náà mọ́ ọn, torí òun ló ń fi hàn pé ₦500 ni èrè orí àpò kan. Bí símẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀ lópin ọdún bá ju ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ, tàbí tó dín, ẹ kọ ìyẹn náà sí i.

Ó wá kan ìṣirò gan-an. Ohun tó bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́dún 2024: èrè ₦1,800,000, owó tó ti wà ní báǹkì nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ₦900,000, owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦3,000,000, ọkọ̀ àtijọ́, ₦2,400,000, ti àbúrò yín, ₦2,500,000, èésú tí ẹ kó lówó ọwọ́, ₦1,200,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦11,800,000.

Ohun tó jáde: ọkọ̀ ₦6,500,000, owó ilé ìwé ₦500,000, oúnjẹ àti ìnáwó ilé ₦1,200,000, èésú tí ẹ ń dá ní ₦50,000 lóṣù, ₦600,000, owó tí ẹ san padà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦600,000, owó tó ṣẹ́ kù ní báǹkì lópin ọdún, ₦300,000. Ní ti òrùlé, ₦4,000,000 tí wọ́n kọ, àfojúbù ni. Rísíìtì páànù àti igi, pẹ̀lú ìwé tí káfíńtà fọwọ́ sí, ₦3,100,000 ló wà níbẹ̀. Rísíìtì ni kí ẹ lò. Àpapọ̀ ohun tó jáde jẹ́ ₦12,800,000.

Ẹ wo èésú dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń dàrú. Wọ́n á kọ ₦1,200,000 tí wọ́n kó, wọn ò ní kọ ₦600,000 tí wọ́n dá láàárín ọdún kan náà. Owó yín ni èésú. Èyí tí ẹ dá lọ́dún 2023 nìkan ló jẹ́ owó tuntun fún ọdún 2024, ìyókù ti wà nínú èrè tẹ́lẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ owó orí bá rí i pé ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò ní gba ìyókù ìwé yín gbọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oúnjẹ: ẹni tó bá kọ ìṣirò tí kò sí owó oúnjẹ nínú rẹ̀ ti ba ti ara rẹ̀ jẹ́.

Ohun tó jáde fi ₦1,000,000 ju ohun tó wọlé lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ̀gbọ́n, mo sì fẹ́ bá yín sọ òótọ́. Iye yẹn náà ni owó kòkó Ìdànrè tó wọ báǹkì, lẹ́yìn tí ẹni tó ń bá yín tọ́jú oko ti gba ìpín tirẹ̀. Ẹ mọ bí owó kòkó ṣe ga tó lọ́dún 2024. Oko bàbá yín ni, òótọ́ ni, ilẹ̀ tí ẹ jogún kì í ṣe èrè. Ṣùgbọ́n owó tí oko náà ń mú wá lọ́dọọdún èrè ni, ó sì yẹ kó ti wà nínú ìwé tí ẹ kọ. Ẹ má wá ẹ̀bùn kan tàbí gbèsè kan tí kò sí láti fi dí ihò yẹn. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé ẹ gbàgbé rẹ̀, kí ẹ sì tún ìwé ọdún náà ṣe sí ₦2,800,000.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa ná yín. Òfin tó wà lórí owó ọdún 2024 ni wọ́n máa fi ṣe é. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, tó dá ₦800,000 àkọ́kọ́ sí, kò kàn án. Lórí ₦1,800,000, owó orí jẹ́ ₦155,600. Lórí ₦2,800,000, ó di ₦316,400. Ẹ máa fi ₦160,800 kún un, pẹ̀lú ìtanràn àti èlé tí òfin bá fi lé e. Ẹ fi wé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá dákẹ́: bí wọ́n bá ka ọkọ̀, òrùlé bí wọ́n ṣe fojú bù ú, owó ilé ìwé àti oúnjẹ sí èrè, ₦12,200,000 ni, owó orí rẹ̀ á sì jẹ́ ₦2,086,400. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ èyí tí ẹ ti san, ₦1,930,800 ni wọ́n máa ní kí ẹ mú wá.

Ẹ̀rí wá kù. Owó tí èèyàn yá kì í ṣe èrè, ẹ̀bùn kì í ṣe èrè, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé tí wọ́n fi yá yín lówó àti káàdì tí ẹ fi ń san án padà ti tó. Fún àbúrò yín, ohun tó lágbára jù ni ibi tí orúkọ rẹ̀ ti hàn nínú sítéètìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ tí owó wọlé. Lẹ́tà tirẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Lẹ́tà nìkan tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ yìí, tàbí ìwé ìbúra kóòtù tí kò sí ipasẹ̀ owó lẹ́yìn rẹ̀, kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí ọjọ́ tó wà lára ìwé náà fi hàn pé lẹ́yìn lẹ́tà wọn ni ẹ ṣe é. Fún ọkọ̀ àtijọ́, ìwé tí ẹ fi tà á àti owó tó ti ọwọ́ ẹni tó rà á wọ báǹkì. Èésú ló le jù nítorí owó ọwọ́ ni: ẹ ya fọ́tò ìwé ìyáàfin tó ń gba èésú náà, níbi tí orúkọ gbogbo yín àti oṣù tí kálukú kó wà, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́tà yín kò ní ju ojú ìwé méjì lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà owó orí yín àti nọ́ńbà lẹ́tà wọn sókè, ẹ sọ ohun tí ẹ ò fara mọ́ àti ìdí rẹ̀, ẹ so ìṣirò mọ́ ọn, ẹ fi nọ́ńbà sí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ iye èrè àti iye owó orí tí ẹ̀yin gbà pé ó tọ́: ₦2,800,000 àti ₦316,400. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti bu owó lé yín, iye yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí pé ẹni tó kàn kọ̀wé pé owó ti pọ̀ jù láìsọ iye tó yẹ kò tíì ta ko nǹkan kan. Ẹ má fún wọn ní ojúlówó rísíìtì, ẹ̀dà ni kí ẹ mú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ san owó náà díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan náà, àpò ìjọba nìkan ni kí ẹ sì san án sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá kọ èsì padà pé àwọn ò yí iye àwọn padà, ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn tún wà láti gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ lórí owó orí. Ti ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí máa ń jókòó n'Ìbàdàn. Ìwé tí ẹ bá kó jọ báyìí náà ni wọ́n máa yẹ̀ wò níbẹ̀.