Gbígbé ọmọ tí a jẹ padà sójú pátákó nínú ṣógì

Tí mo bá jẹ ọmọ alátakò nínú ṣógì, ayò ṣẹ́ẹ̀sì àwọn ará Japan, tí mo wá gbé e kalẹ̀ bíi tèmi, kí ló ń yí padà nínú ìkọlù àti ààbò?

Ìkọlù lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba gan-an, nítorí ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ lè balẹ̀ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé tó ṣófo. Gbígbé e kalẹ̀ ni títa rẹ nígbà yẹn. Ká ní ọba alátakò wà láàárín ìlà tó gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ilé iwájú rẹ̀ ṣófo, tí ọmọ-ogun rẹ sì wà ní ilé tó tẹ̀ lé e. Gbé ọmọ tí à ń pè ní wúrà sí ilé tó ṣófo yẹn. Ọba kò lè jẹ wúrà torí ọmọ-ogun ń ṣọ́ ọ, wúrà sì ká gbogbo ilé tí ọba ìbá sá sí. Bí ọmọ mìíràn kò bá lè jẹ wúrà náà, ayò ti parí. Wúrà ló dára jù láti fi pamọ́ de irú èyí. Òfin kò gbà kí o gbé ọmọ-ogun kalẹ̀ láti fi pa ọba lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ààbò, bí híṣà, ọmọ tó ń lọ jìnnà ní ìlà tààrà, bá ń halẹ̀ mọ́ ọba rẹ láti òkèèrè, o lè gbé ọmọ-ogun dí i lọ́nà, àyàfi tí o bá ti ní ọmọ-ogun mìíràn tí kò tíì gba ìgbéga lórí òpó kan náà.