Gígé ọ̀rọ̀ kù kọ́ ló ń sọ orí ìwé oyè di iṣẹ́ jọ́nà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Orí kẹrin ìwé oyè ọ̀mọ̀wé mi dá lórí àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní agbègbè Ọ̀mù-Àrán, tí wọ́n yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ 14,000 ni. Mo gé e sí 7,000 bí jọ́nà ṣe fẹ́, síbẹ̀ olóòtú dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnìkan ní kí n sanwó kí òun bá mi gé e dáadáa. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Má san kọ́bọ̀, àbúrò mi. Ẹni yẹn kò mọ ohun tí o rí nínú ìwádìí rẹ, ohun tí olóòtú sì ń wá gan-an nìyẹn. Mo ka iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́. Ṣe lo bu díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú gbogbo abala: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣaájú di ìdajì, àtẹ méje di márùn-ún, tíọ́rì méjèèjì ṣì wà ńbẹ̀. Orí ìwé oyè náà ló ṣì jẹ́, ó kàn kúrú ni. Ó ń bí mi nínú pé àwọn kan ti sọ irú gígé báyìí di òwò.

Olùdánwò ló ń ka ìwé oyè, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá o kàwé, ìdí nìyẹn tí o fi to gbogbo onímọ̀ kalẹ̀ fún un. Ẹni tó ń ka jọ́nà kò dán ọ wò. Ó fẹ́ mọ ohun tí o rí tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú iṣẹ́ tìrẹ, ojú ìwé 17 ni ìyẹn sá pamọ́ sí, nínú gbólóhùn méjì péré. O ní àwọn tí kò rí owó san kì í ṣe àwọn tí ọjà wọn kéré jù; àwọn tí ẹgbẹ́ ti ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ta gàrí àkọ́kọ́ ni. Wọ́n fowó náà ra ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú ilẹ̀. Wọ́n ní láti wú u, bó o, lọ̀ ọ́, fún omi rẹ̀ dànù, sẹ́ ẹ, yan án, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà, nígbà tí owó sísan ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí! Kò dá mi lójú pé olóòtú kà á débẹ̀.

Ṣí fáìlì tuntun, kí o kọ ohun tí o rí yẹn sókè ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, tẹ orí kẹrin sórí bébà, kí o kọ ohun tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún gbólóhùn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣe nǹkan kan fún un, kó o kúrò, bó ti wù kó dùn tó. Ìtàn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà yóò lọ. Ojú ìwé mẹ́ta lórí ẹ̀rọ ìlọ̀gàrí yóò lọ. Àtẹ ọjọ́ orí àti ìwé kíkà wọn yóò di ìpínrọ̀ kan. Àtẹ méjì ló máa kù: èyí tó fi ìgbà tí owó sísan bẹ̀rẹ̀ wé ẹni tó jẹ gbèsè, àti èyí tó fi bí ọjà oníkálukú ṣe pọ̀ tó hàn. Má yọ ìkejì yìí o, torí òun ló ń dá ẹni tó bá ní kékeré ọjà ló fà á lóhùn. Nínú àwọn aṣaájú, àwọn tí ohun tí o rí bá èrò wọn jà tàbí tó gbè é lẹ́yìn nìkan ni kí o fi sílẹ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Tíọ́rì tí o kò bá fi ṣàlàyé èsì rẹ, yọ ọ́.

Ohun tí àwọn agéwèé kì í rántí ni pé ó ní ohun tí ó yẹ kí o fi kún un. Ìgbà mẹ́rin lo kọ “gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé ní orí kẹta.” Orí kẹta wo? Ẹni tó ń ka jọ́nà kò ní in lọ́wọ́, olóòtú sì ti mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti wá nìyẹn. Mú un wá síbí ní ìpínrọ̀ méjì: abúlé wo ni, ìgbà wo, obìnrin mélòó, báwo lo ṣe yàn wọ́n, kí lo sì kà sí àìsanwó. Kọ ìfáàrà àti àṣàmọ̀ kẹ́yìn, kí ohun tí o rí ti hàn ní ojú ìwé àkọ́kọ́.

Sọ fún olóòtú nínú lẹ́tà rẹ pé inú ìwé oyè ni iṣẹ́ náà ti jáde. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ni kò ka ìwé oyè sí iṣẹ́ tí a ti tẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìlànà wọn kò dọ́gba, nítorí náà ka ti èyí tí o fẹ́ lò. Bí ìwé oyè rẹ bá ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó jọra yóò rí i, àlàyé yẹn ló máa gbà ọ́. Bá alámòójútó rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó fi ránṣẹ́, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí orúkọ ta ni yóò wà níbẹ̀. Má fi ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti jọ́nà tó dá a padà, tún lẹ́tà wọn kà: bí wọn kò bá ní kí o tún un ṣe wá, wá jọ́nà mìíràn.