Ẹ má fi ilé sí orúkọ àbúrò yín

> “Ọmọ wa kò lè dá owó ná, àgbà sì ti ń dé sí wa. Ṣé kí n fi ilé wa ní Ìbarà sí orúkọ àbúrò mi, kó máa fi tọ́jú rẹ̀?”

Ẹ má ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Tó bá ti di tirẹ̀ lórí ìwé, àwọn ọmọ tirẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, ẹni tó bá jẹ lówó sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún yín pé ilé náà wà níkàáwọ́ alámòójútó méjì, nítorí ọmọ yín nìkan. Orúkọ wọn ni yóò wà lórí ìwé ilé, àmọ́ wọn ò lè jẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe màgòmágó, ilé ẹjọ́ lè yọ wọ́n. Ẹ dárúkọ ẹni tó máa rọ́pò wọn, àti ẹni tó máa ni ilé lẹ́yìn ọmọ náà.

Ká ní owó ilé jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún. Yóò wọ àkáǹtì tí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ buwọ́ lù kówó tó jáde. Wọ́n á yọ 120,000 sọ́tọ̀ fún òrùlé àti àtúnṣe, ìyókù á di 40,000 lóṣù. Kí wọ́n sanwó oògùn tààrà fún oníkẹ́míìsì, kí ìyókù lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Lójú tèmi, olùtọ́jú yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ alámòójútó: ta ni yóò wá bi í léèrè owó?

Ẹlẹ́rìí méjì ló máa buwọ́ lu ìwé ìhágún. Kí ẹnikẹ́ni tó máa jogún níbẹ̀, tàbí aya rẹ̀, tàbí ọkọ rẹ̀, má sí lára wọn, torí ìpín rẹ̀ máa wọgbó.