Ohun Tó Jọ Ọjọ́ Lè Má Jẹ́ Ọjọ́ Lójú Excel

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣíìtì kan nínú Excel tí mo fi ń tọ́jú owó tí àwọn oníbàárà jẹ wá. Mo fi òfin Conditional Formatting ṣe é kí ọjọ́ ìsanwó tó bá ti kọjá máa pọ́n, ṣùgbọ́n àwọn kan tó ti pẹ́ kò pọ́n, àwọn ìlà tó ṣófo ló ń pọ́n. Ẹnìkan ní kí n yí òpó náà sí Date; mo ṣe é, kò yí padà. Ṣé òfin náà ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Òfin yín kò bàjẹ́. Ohun tí ẹ kọ sínú àwọn àpótí kan níbẹ̀ ni kì í ṣe ọjọ́, ìmọ̀ràn pé kí ẹ yí òpó sí Date kò sì lè sọ ọ́ di ọjọ́. Ìmọ̀ràn yìí ń bí mi nínú, nítorí pé ẹni tó bá tẹ̀lé e á gbà pé òun ti tún ṣíìtì òun ṣe, nígbà tí gbèsè ń pẹ́ sí i lójú rẹ̀.

Nọ́ńbà ni Excel ń pa ọjọ́ mọ́ sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, tó jẹ́ 1, ni ó ti ń kà á bọ̀, tí ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2025 fi jẹ́ 45729. Nọ́ńbà ni `TODAY()`, tó ń sọ ọjọ́ òní, náà ń mú wá, òfin yín kàn ń wo èyí tó kéré nínú méjèèjì ni. Bí kọ̀ǹpútà kò bá dá ohun tí ẹ tẹ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́, yóò pa á mọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ máa ń tóbi ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ nígbà tí Excel bá ń fi wọ́n wéra. Gbèsè náà ì báà ti pẹ́ ní ọdún mẹ́wàá, kò ní pọ́n láéláé. Àpótí tó ṣófo ní tirẹ̀ dúró fún 0, 0 sì kéré sí òní, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n. Date tí ẹ yàn yẹn, aṣọ tí nọ́ńbà ń wọ̀ ni. Kò sí ohun tó lè fi ọ̀rọ̀ ṣe.

Èyí tó burú jùyẹn lọ wà. Ẹ jẹ́ ká ní kọ̀ǹpútà yín ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹ tẹ 13/03/2025. Kò sí oṣù kẹtàlá, nítorí náà ó di ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ 05/03/2025, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ló wà lọ́kàn yín, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbà á sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún láìsọ ohunkóhun. Ìlà yẹn yóò pọ́n lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ 59 lẹ́yìn ìgbà tó yẹ.

Láti mọ èyí tó kàn yín, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sọ́tọ̀ ná, kí ẹ yan òpó ọjọ́, kí ẹ tẹ Ctrl+1, kí ẹ lọ sí Custom, kí ẹ sì kọ `dd mmm yyyy`. Èyí tí kò bá yí ìrísí padà, ọ̀rọ̀ ni. Èyí tí oṣù rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé owó tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ tún un tẹ̀ pẹ̀lú ọdún níwájú, bíi 2025-03-05. Kò sí ọ̀nà àbùjá fún ìyẹn, ìwé owó nìkan ló mọ òótọ́ ibẹ̀.

Fún àwọn tó jẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ yan àpótí wọn nìkan, àwọn tó bá tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ sí Data, lẹ́yìn náà Text to Columns. Ẹ yan Delimited, ẹ yọ gbogbo àmì tó wà nínú àwọn àpótí ojú ewé kejì, nígbà tí ẹ bá sì dé ojú ewé kẹta, ẹ yan Date àti DMY, kí ẹ tẹ Finish.

Lẹ́yìn èyí ni òfin tó kàn. Ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú Manage Rules, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣì máa kun àwọn ìlà tó ṣófo. Bí ọjọ́ ìsanwó bá wà ní òpó D, tí ọjọ́ tí wọ́n san án sì wà ní E, ẹ yan A2 títí dé E200, ẹ tẹ Home, Conditional Formatting, New Rule, Use a formula to determine which cells to format, kí ẹ kọ:

```
=AND(ISNUMBER($D2),$D2<TODAY(),$E2="")
```

Ẹ tẹ Format, ẹ yan àwọ̀ pupa lábẹ́ Fill. `ISNUMBER` ló ń ṣọ́ ọ kí àpótí tó ṣófo má pọ́n, apá tó kẹ́yìn ló sì ń mú àwọ̀ náà kúrò nígbà tí ẹ bá ti kọ ọjọ́ tí owó wọlé. Ìlà 2 ni kí yíyàn yín ti bẹ̀rẹ̀ bí ti fọ́múlà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yóò bọ́ sórí oníbàárà mìíràn. Gbèsè tí òní jẹ́ ọjọ́ rẹ̀ gan-an kò ní pọ́n, nítorí pé kò tíì pẹ́. Òfin yìí kò sì mọ ẹni tó san ìdajì, nítorí náà ẹ wo ìwé owó kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi òfin kejì kún un, kí ẹ fún un ní àwọ̀ ìyeyè:

```
=ISTEXT($D2)
```

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá tún yọ́ wọ òpó ọjọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ fi hàn yín.